Ọ̀sẹ̀ kan péré lórí kíríátíìnì, òṣùwọ̀n ti gòkè: kí ló kún ara mi?

Àdùnní_Ń_Sáré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń sapá kí ọ̀rá ara mi lè dín kù, ó sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ mi ní irin gbígbé wá ní kí n fi kíríátíìnì kún un, ìyẹ̀fun tí àwọn tó ń gbé irin máa ń mu kí agbára wọn lè pọ̀ sí i. Gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ló sọ: 5 láàárọ̀, 5 lọ́sàn-án, 5 nírọ̀lẹ́, 5 kí n tó sùn. Lẹ́yìn náà kí n máa mu 5 péré lójúmọ́. Mo ṣe bó ṣe wí. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, kílò 68.2 ni mo wọ̀n. Lónìí tó pé ọjọ́ méje, 69.8! Mo bọ́ sílẹ̀, mo tún gùn ún, kò yí padà. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ń kọ gbogbo oúnjẹ tí mò ń jẹ sílẹ̀, kò ju kálórì 1,800 lọ lójúmọ́. Kí ló wá wúwo lára mi báyìí? Ṣé kí n dá a dúró ni?

Jagun_Onírin
Àbúrò, nu ojú ẹ. Omi ni. Gbogbo ẹni tó bá ń mu ún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi yẹn á lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tí ojú èèyàn fi máa ń wú. Ohun tí wàá ṣe ni pé kí o yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ, kí o sì dín omi mímu kù sí lítà kan lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó ti gbẹ.

Tẹ́ẹ́rẹ́
Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ yìí bá mi lára mu gan-an. Èmi ni mo tín-ínrín, oúnjẹ kì í hàn lára mi. Bó bá jẹ́ pé kílò kan àtààbọ̀ ni ọ̀sẹ̀ kan ń mú wá, ṣé bí mo bá mu gíráàmù 40 lójúmọ́ fún oṣù kan, mo lè fi kílò mẹ́fà kún ara?

Bàbá Ìwọ̀n
Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún pípẹ́ ni mo fi bá àwọn eléré ìdárayá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi ni láti wọ̀n wọ́n láàárọ̀, kí n sì sọ ìdí tí ìwọ̀n wọn fi gòkè tàbí tó fi wálẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Àdùnní, aago mélòó lo gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago mélòó sì ni tòní? O ti jẹun tàbí o kò tíì jẹun? Ṣé o ti lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí o tó gùn ún? Téèpù ńkọ́, ṣé o wọn ìbàdí?

Jagun, ibi tó tọ́ lo gbà wọlé, omi ni lóòótọ́. Ibi tí o gbà jáde ni kò tọ́. Má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi omi mímu du ara rẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

Àdùnní_Ń_Sáré
Ẹ ṣé, Bàbá. Tọjọ́ àkọ́kọ́, àárọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mo ti tọ̀, n kò tíì jẹ nǹkan kan. Tòní, ìrọ̀lẹ́ ni, mo ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti mu omi dáadáa. Mo wọn ìbàdí lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 81 ni. N kò tíì tún un wọ̀n.

Bàbá Ìwọ̀n
Mo rò bẹ́ẹ̀. Lọ́la, bí o bá jí, tọ̀, kí o sì gun òṣùwọ̀n láìjẹ láìmu. Òṣùwọ̀n kan náà, lórí ilẹ̀ líle kan náà. Wọn ìbàdí pẹ̀lú, kí téèpù gba orí ìdodo, lẹ́yìn tí o bá mí síta. Mú èsì wá ká jọ ṣe ìṣirò.

Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ mi, ìbéèrè ẹ yàtọ̀ sí ti Àdùnní, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò pẹ́ rárá: kò lè rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ní ìwọ̀n kíríátíìnì tó lè gbà. Bó bá ti kún, inú ìtọ̀ ni ìyókù ń bá lọ. Láti bí ọjọ́ kẹta ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Àdùnní ń mu ti ń bá ìtọ̀ jáde. Bí o bá da 40 sínú ikùn lójúmọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló máa kọ́kọ́ fún ẹ, kì í ṣe ara. Kílò tó ń wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í tún ara rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta bíi owó oṣù.

Àdùnní_Ń_Sáré
Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti wọ̀n ọ́n. 69.3. Ìbàdí ṣì jẹ́ 81, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá Ìwọ̀n
Ó dára bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ kílò ti kúrò lóru kan, nítorí oúnjẹ àti omi tó wà nínú ikùn nírọ̀lẹ́ àná ni òṣùwọ̀n kà mọ́ ọn. Èyí tó kù ni kílò 1.1. Òun la máa wá ìdí rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ bi í bóyá ọ̀rá ni. Kí kílò kan ọ̀rá tó lè wọ ara, èèyàn á ti jẹ nǹkan bíi kálórì 7,700 ju èyí tí ara rẹ̀ ná lọ. Fún kílò 1.1, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,500. Pín in sọ́jọ́ méje, á jẹ́ bíi 1,200 lójoojúmọ́, lórí ohun tí ara rẹ ń ná. Ìwọ tó ń kọ 1,800 sílẹ̀, á jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni o gbàgbé odindi oúnjẹ ńlá méjì láìkọ. Kò ṣeé ṣe kí o má mọ̀. Kíríátíìnì fúnra rẹ̀ kò sì ní ọ̀rá tàbí ṣúgà kankan nínú tí ara lè tò jọ.

Ṣé ìyẹ̀fun náà ló wúwo ni? Ní ọjọ́ méje, gíráàmù 140 lo mu. Ká ní gbogbo rẹ̀ dúró lára, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún kílò. Gbogbo rẹ̀ kò sì dúró. Èèyàn tó wúwo bíi kílò 70 ti ní nǹkan bíi gíráàmù 120 lára tẹ́lẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iṣan, àyè tó sì ṣẹ́kù kò pọ̀. Èyí tó wọlé tó sì jókòó lára rẹ lọ́sẹ̀ yìí lè jẹ́ 30 tàbí 35. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni.

Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ló fa omi. Bí ẹ bá gé ewébẹ̀ tútù tí ẹ bu iyọ̀ sí i lórí, tí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé omi ti jáde síta. Ibi tí nǹkan yíyòrò bá pọ̀ sí lomi ń rìn lọ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan náà nìyẹn, àmọ́ níbí, inú ni omi ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ní ẹnu ọ̀nà kan tó jẹ́ ti kíríátíìnì, ó ń fà á wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń mú iyọ̀ díẹ̀ wọlé mọ́ ọn. Bó ṣe ń kún inú sẹ́ẹ̀lì, omi ń tẹ̀ lé e títí ìwọ̀n inú àti ti ìta á fi bára dọ́gba. Bí mo bá fi bí omi ara ṣe máa ń ki tó ṣe ìṣirò rẹ̀, gíráàmù 35 kíríátíìnì á mú omi bíi lítà kan dání. Lítà omi kan, kílò kan. Wá wo 1.1 tìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Jagun_Onírin
Bàbá, mo júbà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tèmi máa ń fi iná díẹ̀ wọ inú ẹsẹ̀, ó sì máa ń ya ọ̀rá àti iṣan sọ́tọ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ mu ún, ó ní mo fi kílò 1.3 iṣan kún ara. Nítorí náà mo rò pé omi díẹ̀ ni, iṣan tòótọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Bàbá Ìwọ̀n
Òṣùwọ̀n yẹn kò rí iṣan rárá, Jagun. Bí iná ṣe ń gba inú ara kọjá ló ń wọ̀n. Iná ń rìn dáadáa nínú omi, kì í fẹ́ rìn nínú ọ̀rá. Bí omi bá pọ̀ sí i, iná á rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n á sì kọ ohun gbogbo tí kì í ṣe ọ̀rá sí orúkọ iṣan. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ìtànṣán ya ara, tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò, ń ka omi yẹn mọ́ ara tí kì í ṣe ọ̀rá bákan náà. Iṣan tuntun kì í hù ní ọjọ́ méje dé kílò kan. Ohun tí kíríátíìnì ń ṣe fún iṣan ni pé ó ń jẹ́ kí o lè gbé irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i tàbí lẹ́ẹ̀mejì kó tó rẹ̀ ọ́. Iṣẹ́ àfikún yẹn ló ń kọ́ iṣan, oṣù ló sì ń gbà.

Ní ti abẹ́ awọ tí o sọ. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń wọ inú iṣan, torí ibẹ̀ ni kíríátíìnì wà. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ẹ, àwọn tó ṣe ìwádìí láti wọn omi ara kò fẹnu kò. Àwọn kan rí i pé inú sẹ́ẹ̀lì lomi ti pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn rí i pé omi gbogbo ara ló gòkè, ti inú àti ti ìta pọ̀, tí ìpín àwọn méjèèjì kò sì yí padà. Ojú wíwú tí àwọn kan ń sọ, n kò lè sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ojú mi rí i lára ẹni tó ń mu ún bó ṣe yẹ.

Ọmọ Ewébẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. N kì í jẹ ẹran, n kì í jẹ ẹja, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ kíríátíìnì, mo ra ife oníwọ̀n kan, mo gbé e sí ilé ìwẹ̀, gbogbo ìtọ̀ mi ni mo ń wọ̀n sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lítà 1.7, 1.6, 1.7 lójúmọ́. Omi tí mò ń mu, inú ìgò kan náà ni mo ti ń mu ún, n kò yí iye rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo mu gíráàmù 20, ìtọ̀ bọ́ sí 1.2. Lọ́jọ́ kejì, 1.1. Lọ́jọ́ kẹta, 1.4. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún ó ti padà sí 1.7. Òṣùwọ̀n mi gòkè ní kílò 1.5 láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́yìn náà ó dúró gbọnin. Ìgbà tí mo rí nọ́ńbà yẹn nínú ìwé mi lọ́kàn mi tó balẹ̀. Omi tí kò jáde ni mo gbé sára.

Bàbá Ìwọ̀n
Inú mi dùn sí ife oníwọ̀n yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bó ṣe ń rí gan-an nìyẹn: ìtọ̀ á dín kù ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgbà náà náà ni òṣùwọ̀n á gòkè, lẹ́yìn náà méjèèjì á fìdí mọ́lẹ̀. Pé o kì í jẹ ẹran ló jẹ́ kí tìrẹ pọ̀ ju ti Àdùnní lọ. Inú ẹran àti ẹja ni kíríátíìnì oúnjẹ wà. Iṣan rẹ ti ṣófo díẹ̀, àyè pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀ lè má mira rárá, òun náà á sì máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ ìmọ̀ràn Jagun nìyí. Omi tó wà nínú iṣan, kíríátíìnì ló dì í mú. Bí o bá ń pa òùngbẹ mọ́ra, inú ẹ̀jẹ̀ lomi ti máa kọ́kọ́ dín kù, orí á máa fọ́ ẹ, òòyì á máa kọ́ ẹ, ti iṣan á ṣì wà níbẹ̀. Mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́.

Abẹ̀ṣẹ́_Kékeré
Ẹ̀yin ń sunkún kílò kan, èmi pàdánù ìjà nítorí àbọ̀. Ìpele kílò 63.5 ni mo ń jà. Mo ti wà ní 63.3 ní ọjọ́ mẹ́wàá sí ìjà. Ẹnì kan ní kíríátíìnì á fún mi lágbára, mo da gíráàmù 20 lé e lójúmọ́. Lọ́jọ́ ìwọ̀n, 64.4. Mo fi aṣọ ńlá sáré, mo jókòó sínú ooru, mo tutọ́ sínú ike. 64.0 ni mo gbé dé iwájú wọn. Wọ́n dá mi padà. Ṣé bí mo bá ti dá a dúró ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, ṣé ì bá ti lọ?

Bàbá Ìwọ̀n
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èyí dùn mí nítorí pé mo ti rí i lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Rárá, ọjọ́ márùn-ún kò lè tó. Bí èèyàn bá dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni iṣan ń tú u sílẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, omi náà á sì bá a lọ. Ẹni tó ń jà ní ìpele ìwọ̀n, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ìjà bọ́ sí. Bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjà ṣì jìnnà, kí o lè mọ iye tó máa gbé kún ara rẹ, kí o sì wá pinnu bóyá o lè gbé e dé iwájú òṣùwọ̀n. Ìgbà mìíràn, ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí o fi sílẹ̀.

O kò sì ní láti mu 20. Gíráàmù 3 lójúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á mú iṣan dé ibì kan náà. Omi tó ń tẹ̀ lé e á wá ní ìwọ̀nba, kò ní já lé èèyàn lójú òṣùwọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Màmá Ìbejì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọkàn mi wá balẹ̀ bí mo ṣe ń ka èyí. Ọmọ mi ló ra kíríátíìnì fún mi kí orúnkún mi lè lágbára, gíráàmù 3 ni mò ń mu lójúmọ́, ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ mi ń wú, pàápàá nírọ̀lẹ́, bàtà kò fẹ́ wọlé mọ́. Mo ti ń bẹ̀rù, àṣé omi kíríátíìnì ni.

Nọ́ọ̀sì_Àṣálẹ́
Màmá, ẹ dákun, ẹ má fi èyí sí ọ̀rọ̀ kíríátíìnì. Ẹ jókòó, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ egungun ojúgun yín ní ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ wá yọ ọwọ́. Ṣé ó ń sun kòtò síbẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ni àbí ọ̀kan? Ẹ̀mí yín ńkọ́, ṣé ẹ lè sùn gbalaja láìgbé orí ga? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?

Màmá Ìbejì
Ẹsẹ̀ méjèèjì ni. Ó sun kòtò, ó sì pẹ́ kó tó dìde. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi ní oṣù tó kọjá. Mo ń sùn dáadáa, ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì_Àṣálẹ́
Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Omi tí wọ́n ń sọ níbí ń fọ́n káàkiri inú iṣan gbogbo ara, kì í rọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, kì í sì í fi kòtò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ń sun kòtò, a gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀ ní ọkàn, ní kíndìnrín, ní ẹ̀dọ̀, tàbí lára oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀, torí oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń wú ẹsẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o. Ẹ fi kíríátíìnì sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ gbé páálí oògùn àti ike kíríátíìnì dání. Bí èémí bá ń ṣe yín gulegule, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń ro yín, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ń mu ún kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń wò láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, kíríátínínì lorúkọ rẹ̀. Ó jọ kíríátíìnì létí, ṣùgbọ́n èérí tí kíríátíìnì ń dà nígbà tó bá gbó ni. Ẹni tó ń mu kíríátíìnì, tirẹ̀ lè ga díẹ̀ láìsí ohun tó ṣe kíndìnrín. Bí dókítà kò bá mọ̀, ó lè rò pé kíndìnrín ti ń kọṣẹ́. Bó bá mọ̀, àyẹ̀wò mìíràn wà tó lè ṣe. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìbi dókítà.

Màmá Ìbejì
Mo ti gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni màá lọ. Ẹ ṣeun gan-an.

Jagun_Onírin
Bàbá, mo gbà lórí omi mímu. Lórí ojú wíwú, n kò tíì gbà. Mo mọ ojú ara mi nínú dígí.

Bàbá Ìwọ̀n
Mo gbọ́ ẹ. Ya fọ́tò láàárọ̀, ibì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìgbà mìíràn àti ní ọjọ́ keje. Kí o sì kọ oúnjẹ oníyọ̀ tí o jẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú sílẹ̀. Gbé e wá, màá wò ó pẹ̀lú ẹ.

Àdùnní_Ń_Sáré
Mo padà dé o, ó di ọjọ́ kẹtàlélógún tí mo bẹ̀rẹ̀. Gíráàmù 5 ni mò ń mu lójúmọ́ báyìí. Mò ń wọn ara mi láràárọ̀, mo sì ń fi ọ̀sẹ̀ kan wé ọ̀sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 69.3 sí 69.4, kò lọ kò bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 68.9. Ìbàdí ti di 79.5. Ọ̀rá ṣì ń lọ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, kílò omi kan ló kàn gun orí rẹ̀. Irin tí mo máa ń gbé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, mo ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo fa ìlà sínú ìwé mi níbi ọjọ́ keje, mo kọ 69.3 síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń kà á báyìí dípò 68.2.